Bí Lẹ́tà Méjì Ṣe Ń Bára Wọn Jà Lórí Ìwé Ẹgbẹ́, Àti Bá A Ṣe Ń Mú Èyí Tó Bára Mu

Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn odi, láti Kánò dé Pọtakọ́ọ̀tù, tí kò ní lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì, rìsíìtì, káàdì ọmọ ẹgbẹ́ àti bánà tí wọ́n ń ta sójú ọ̀nà lọ́jọ́ àjọ̀dún. Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ọmọ ẹgbẹ́ wa máa ń mú lọ sí báńkì tàbí ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kó lọ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn tábìlì níbẹ̀ kò mọ alága wa rí, ìwé tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń wò. Bí lẹ́tà inú ìwé náà bá rí bíi pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ìlú kan lókè Ọya nìyẹn. Ó mú ìwé ẹgbẹ́ àti rìsíìtì owó oṣù rẹ̀ dání láti fi ṣí àkáǹtì. Wọ́n wo méjèèjì, wọ́n ní kó lọ mú òmíràn wá nítorí kò jọ pé ẹgbẹ́ kan náà ló ni wọ́n. Òtítọ́ sì ni wọ́n sọ, kò jọ ọ́. A ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé ẹgbẹ́ náà síta ká lè wò ó fínnífínní. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Algerian. Àkọlé kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ Monotype Corsiva. Ọ̀rọ̀ inú ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́ Calibri. Lórí rìsíìtì, Arial ni wọ́n fi kọ orúkọ kan náà. Irú lẹ́tà mẹ́rin, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Fún ẹni tí orúkọ wọ̀nyí ṣàjèjì sí, fọ́ǹtì ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe irú ọwọ́ tí wọ́n fi ya lẹ́tà. Lẹ́tà n kan náà ni gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n bí fọ́ǹtì yìí ṣe yà á kọ́ ni tọ̀hún ṣe yà á. Ẹ wo n nínú Times New Roman, ẹ ó rí i pé pẹpẹ kékeré kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi pé ó wọ bàtà. Fọ́ǹtì àtijọ́ ni, ìwé ìròyìn Táìmùsì ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1932. Nínú Arial, tó dé ní 1982, ẹsẹ̀ n gé bọ́rọ́ ni, kò wọ nǹkan kan. A ó máa pe ti àkọ́kọ́ ní lẹ́tà oníbàtà, a ó sì máa pe ti kejì ní aláìníbàtà, kí ọ̀rọ̀ wa lè yá.

Iṣẹ́ méjì péré ni lẹ́tà ń ṣe lórí ìwé ẹgbẹ́ tàbí ìwé ìtajà. Ọ̀kan ń pe orúkọ kí èèyàn gbọ́ ọ láti òkèèrè, èkejì ń jẹ́ ká ka ohun tó kù láìsí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì méjì fi tó. Ẹni tó bá mú ìkẹta wá, kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ fún un ṣe.

Ìjà tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tá a rí kì í ṣe ti àwọn lẹ́tà tó yàtọ̀ síra púpọ̀. Ti àwọn tó fẹ́ jọra ni. Àwa tí à ń ta aṣọ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oníbàárà ra aṣọ aláwọ̀ aró lọ́wọ́ wa fún bùbá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá ra ti ṣòkòtò, ṣùgbọ́n bélì ti yàtọ̀, aró rẹ̀ sì fi díẹ̀ ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú kò rí i. Ọjọ́ tó bá wọ̀ ọ́ jáde sínú oòrùn ni gbogbo ayé á rí i, wọ́n á sì rò pé ọ̀kan ti ṣá. Bó bá jẹ́ pé funfun ló fi ṣe ṣòkòtò náà ni, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀, nítorí ó hàn gbangba pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe rí náà nìyẹn fún Arial tó wà lórí rìsíìtì àti Calibri tó wà nínú ìwé. Méjèèjì jẹ́ aláìníbàtà, méjèèjì dúró gbọnrangandan, ẹni tó bá ń kánjú máa ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ń rí ohun tí ẹnu kò lè sọ. Igun lẹ́tà Arial mú, ti Calibri rọ̀ bíi pé wọ́n fi sáńpépà fá a. Bí ẹ bá sì kọ méjèèjì ní ìwọ̀n 12, ti Calibri á kéré sí ti Arial lójú. Kò yàtọ̀ tó láti dà bí ohun tá a yàn, kò sì jọra tó láti dà bí ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìfura ti ń wá. Kò sì sẹ́ni tó jókòó yan Calibri fún ìwé ẹgbẹ́ náà. Ní 2007 ni Microsoft Word bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ka iwájú ẹni tó bá ṣí i, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó sì ń tẹ̀wé ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ni.

Ohun tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú fọ́ǹtì méjèèjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ìwọ̀n wọn sí 72. Ẹ wo lẹ́tà a, e, g, R àti t. Bí ẹ bá ní láti wá ìyàtọ̀ kiri kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ má fi wọ́n sórí ìwé kan náà. Ìyàtọ̀ tó dáa ni èyí tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa nawọ́ sí lójú ẹsẹ̀.

Ìjà ti Algerian àti Monotype Corsiva yàtọ̀ sí èyí. Àwọn méjì yìí kò jọra rárá, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló múra. Algerian ní òjìji lára, lẹ́tà ńlá nìkan ló sì ní. Corsiva wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọwọ́ ìkọ̀wé, ìrù rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó dà bí ìgbà tí obìnrin méjì wọ aṣọ ìyàwó wá síbi ìgbéyàwó kan, àlejò kò ní mọ ẹni tó máa kí. Bí ọ̀kan bá ṣoge, kí èkejì rọra múra. Lójú tiwa, kó tiẹ̀ sí èyí tó ṣoge lórí ìwé tí báńkì máa wò ló dáa jù. Wọ́n dáa fún ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ. Lórí rìsíìtì kékeré, yíǹkì máa ń dí òjìji Algerian pa. Bí wọ́n bá sì fọ́tòkọ́pì Corsiva tó kéré lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ibi tó tín-ín-rín lára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá.

Ká wá sọ pé a ti rí méjì tó yàtọ̀ síra gbangba, tí ìkankan nínú wọn kò sì ṣoge. Ó ṣì ku ohun kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ ní, ìyẹn ni gíga lẹ́tà kékeré. Nọ́ńbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í sọ òótọ́ lórí èyí. Nọ́ńbà 12 ń wọn àyè tí wọ́n pín fún lẹ́tà, kò wọn lẹ́tà fúnra rẹ̀. Nínú Arial, lẹ́tà x kékeré gba díẹ̀ ju ìdajì àyè yẹn lọ, nígbà tí ti Times New Roman kò tó ìdajì. Nítorí náà, bí ẹ bá fi orúkọ ẹni sínú Arial 12 láàárín ọ̀rọ̀ tó jẹ́ Times New Roman 12, orúkọ náà á máa pariwo bí ẹni tó ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ẹ gbé Arial wá sí 10.5, ẹ ó rí i pé orí àwọn lẹ́tà kékeré ti fẹ́ bára wọn dọ́gba, ariwo náà á sì dákẹ́. Rúlà lẹ máa fi mọ̀. Ẹ gbé e lé orí x ti fọ́ǹtì kan, ẹ fà á lọ sórí x ti èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé náà jìnnà sójú, kẹ́ ẹ dijú díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi di eérú. Bí apá kan bá dúdú gan-an tí apá kejì sì ṣì, tí kì í sì í ṣe pé ẹ fẹ́ kó dúdú bẹ́ẹ̀ nítorí pé àkọlé ni, ìnípọn wọn kò bára mu.

Èyí tó kàn yìí, ọmọ Yorùbá ló ni ín, ìwé tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì kì í sábà mẹ́nu bà á. Fọ́ǹtì tẹ́ ẹ mú lè máà ní lẹ́tà wa. Lórí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ́ tí à ń sọ, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò rí Ẹ olójú ìsàlẹ̀ nínú Algerian, ló bá kọ EGBE lásán. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó bá fẹ́ lè ka ìyẹn sí ègbé, ta ló sì fẹ́ kí ègbé wà lórí ìwé rẹ̀? Lórí bánà, ẹlòmíràn fi ọwọ́ to àmì ìdánudúró sábẹ́ lẹ́tà, ọ̀kan bọ́ sọ́tùn-ún, ọ̀kan bọ́ sósì. Nínú ìwé tí akọ̀wé tẹ̀, òun ní tirẹ̀ tẹ Ẹ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó fi Corsiva tẹ àkọlé, kọ̀ǹpútà kò rí lẹ́tà náà nínú Corsiva, ló bá lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, G àti B ń wọ́ lọ, Ẹ dúró gbọnrangandan láàárín wọn. Fọ́ǹtì tí a kò pè ti jókòó sí àárín àwọn tí a pè.

Ohun tó fà á ni pé nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà máa ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ ni, àfi kí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ti sọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Bí kò bá sọ ọ́, àmì lè lọ gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Àwọn fọ́ǹtì kan tiẹ̀ ń tan èèyàn. Wọ́n ní ẹ àti ọ nítorí pé èdè Vietnam náà ń lò ó, èèyàn á ti rò pé ó parí, kó tó dé ṣ, tí èdè wọn kò lò, ọ̀rọ̀ á ti bàjẹ́. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún oníṣẹ́ gíráfíìkì, ẹ ní kó kọ ìlà yìí pẹ̀lú fọ́ǹtì méjèèjì tó fẹ́ lò, kó sì fi hàn yín:

```
Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá
ẸGBẸ́ ÌṢỌ̀KAN ỌMỌ YORÙBÁ
ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ń ǹ
```

Ẹ wò ó bóyá ojú ìsàlẹ̀ wà láàárín, bóyá àmì ohùn wà lórí lẹ́tà tirẹ̀, bóyá lẹ́tà kan nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bóyá àpótí òfìfo kan yọjú. Bí ọ̀kan nínú fọ́ǹtì méjèèjì bá kùnà níbí, kò sí ìbáramu tó kù tí à ń wá lára rẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ yẹn, Noto Sans àti Noto Serif la dámọ̀ràn. Aláìníbàtà ni ti àkọ́kọ́, oníbàtà ni ti kejì. Google ló gbé wọn jáde, ọ̀fẹ́ ni lórí fonts.google.com, ètò kan náà ni wọ́n sì ti jáde, nítorí náà gíga lẹ́tà kékeré wọn bára mu láìjẹ́ pé a ń dín nọ́ńbà kù. Lẹ́tà wa àti àmì ohùn rẹ̀ pé síbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lẹ́wà ju gbogbo fọ́ǹtì ayé lọ o. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ tiẹ̀ ní ó ti gbẹ jù, pé Algerian dà bí ohun àjọ̀dún. A ní kí wọ́n fi àjọ̀dún sínú àwọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí lẹ́tà máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà nìyí. Orúkọ ẹgbẹ́ di Noto Sans tó nípọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Bold, ní ìwọ̀n 20 lórí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù jẹ́ Noto Sans lásán ní ìwọ̀n 9. Ọ̀rọ̀ inú ìwé jẹ́ Noto Serif ní ìwọ̀n 11. Ẹ kíyè sí i pé 20 àti 11 jìnnà síra. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ sí 13, ojú kò ní mọ èwo ni olórí. Rìsíìtì àti káàdì kéré, nítorí náà Noto Sans nìkan ni wọ́n lò níbẹ̀, bákan náà ni bánà. Ẹni tó bá rí bánà lójú títì, tó sì rí rìsíìtì lọ́la, á mọ̀ pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá.

Àyè àárín ìlà fún wọn níṣẹ́ díẹ̀. Èdè wa ní àmì lókè, ó ní ojú nísàlẹ̀, nítorí náà bí ìlà méjì bá sún mọ́ra jù, ojú ìsàlẹ̀ Ọ ti ìlà òkè á fẹ́ gún àmì orí Ẹ́ ti ìlà ìsàlẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ tó gùn dé ìlà méjì ló máa ń rí ìyà yìí jù. Wọ́n gbé àyè náà sí 1.3 nínú Word, ó sì tú ká.

Ibi tí iṣẹ́ tó ti dára ti máa ń bàjẹ́ ni ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ gbé fáìlì Word lé e lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò ní Noto, ó bá fi ohun tó wà nílẹ̀ dípò rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìwé á sì jáde pẹ̀lú fọ́ǹtì tí ìgbìmọ̀ kò yàn. Ẹ má fi fáìlì Word ránṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ di PDF lórí kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ǹtì náà. Bí ẹ bá ṣí PDF yẹn nínú Adobe Acrobat Reader, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+D, kẹ́ ẹ sì bọ́ sí abẹ́ Fonts, á to gbogbo fọ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Orúkọ Noto nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Bí Arial tàbí Calibri bá wà níbẹ̀, ẹnì kan ti yọ́ wọlé nìyẹn. Ó lè jẹ́ ààyè kan ṣoṣo láàárín ọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ gbogbo Ẹ́ inú ìwé, ẹ wá a kàn kẹ́ ẹ tó sanwó. Fún bánà tí wọ́n bá ṣe nínú CorelDRAW, ẹ ní kí oníṣẹ́ náà ṣe ẹ̀dà kan, kó mú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kó tẹ Ctrl+Q. Ìyẹn máa sọ lẹ́tà di àwòrán, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Kó tọ́jú ẹ̀dà ti àkọ́kọ́, nítorí ẹ kò ní lè tún àṣìṣe kọ nínú èyí tó ti di àwòrán.

Ẹgbẹ́ tí owó wọn kò tíì gbé nǹkan púpọ̀, tàbí oníṣọ́ọ̀bù tó kàn fẹ́ pátákó àti rìsíìtì, kò pọn dandan kó ní méjì. Fọ́ǹtì kan tó ní lẹ́tà wa, ká lo èyí tó nípọn fún orúkọ àti èyí tó fúyẹ́ fún ìyókù, kò ní bá ara rẹ̀ jà láéláé. Àwọn kan á ní ìyẹn kò gbayì. Ó gbayì ju Algerian lórí Corsiva lọ.

Òǹtẹ̀ ló kù fún ẹgbẹ́ náà báyìí. Òǹtẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé, EGBE aláìlójú ló sì wà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá lù ú sórí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì tuntun, orúkọ méjì tún bára wọn pàdé nìyẹn. A ti ní kí wọ́n mú fáìlì PDF lọ fún ẹni tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀, kó má fi fọ́ǹtì tirẹ̀ kọ ọ́. Àyè inú òǹtẹ̀ roboto kò pọ̀, nítorí náà kí wọ́n yọ àkọlé kékeré kúrò, kí orúkọ àti ìlú nìkan wà níbẹ̀, kí lẹ́tà lè tóbi débi tí yíǹkì kò fi ní dí ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n lù ú sórí bébà lásán ní ìgbà mẹ́wàá kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá hàn dáadáa lẹ́ẹ̀kan lè dí nígbà kẹfà, nígbà tí yíǹkì bá ti mu rọ́bà dáadáa.